Kọ̀ńténà há sí èbúté, ọjà tó wà nílẹ̀ kò kárí: kí ni kí n sọ fún àwọn oníbàárà mi?

Ìyá Tómi, Mọ́kọ́lá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Fílásíkì oúnjẹ ni mò ń tà, láti Ṣáínà ni wọ́n ti ń kó o wá. Èmi àti àwọn mélòó kan la jọ kó ẹrù sínú kọ̀ńténà kan. Ọkọ̀ ti gúnlẹ̀ sí Èkó, ṣùgbọ́n kọ̀ńténà ò tíì jáde, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ájẹ́ńtì wa ń sọ pé ọ̀sẹ̀ yìí ni.

Àwọn oníbàárà ti san owó fílásíkì 120 sílẹ̀, ₦14,000 lọ́kọ̀ọ̀kan. 46 péré ló wà nílé ìkẹ́rù mi. Màmá kan ra 60, wọ́n fẹ́ pín in fún àlejò níbi ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún wọn, ìparí oṣù yìí sì ni. Obìnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìlọrin ra 20. 40 tó kù, ẹyọ kan, méjì, mẹ́ta ni àwọn èèyàn rà fún ilé wọn.

Mo ń rò ó pé kí n pín 46 yìí yí ká, kí kálukú rí díẹ̀ gbà, kí ọkàn wọn lè balẹ̀ pé mi ò kó owó wọn sá lọ. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀? Báwo ni kí n ṣe sọ ọ́?

Dọ̀tun

Tètè sọ fún wọn, má jẹ́ kí wọ́n pè ẹ́ kí o tó ṣàlàyé. Ọ̀sẹ̀ méjì ni kí o dá fún wọn. Tí èèyàn bá ti gbọ́ ọjọ́, á fara balẹ̀. Kí o sì pín in dọ́gba, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé o ṣe ojúsàájú.

Àlùhájà Dùgbẹ̀

Dọ̀tun, òótọ́ ni pé kó tètè sọ. Ti ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ni mi ò fara mọ́. Ta ló fún un lọ́jọ́ tó fẹ́ dá fún oníbàárà?

Ìyá Tómi, má pín in dọ́gba. Ẹni tó ra ẹyọ kan, ìdámẹ́ta fílásíkì wo lo fẹ́ fún un? Ohun tí kálukú fẹ́ fi ọjà ṣe ni kí o wò. Ará Ìlọrin fẹ́ tà á ni. Mẹ́fà tó bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ lọ́la, á tà á, á sì máa retí ìyókù. Irú wọn ni fífi díẹ̀ ránṣẹ́ wúlò fún jù. Ti Màmá olọ́jọ́ ìbí yàtọ̀. Fílásíkì tó bá dé lẹ́yìn tí àlejò ti lọ ilé, kí ni wọ́n fẹ́ fi í ṣe? Nítorí náà, má sọ fún wọn pé ìyókù ń bọ̀. Bi wọ́n léèrè pé mélòó ló lè tó wọn dé ọjọ́ náà, kí o dá owó ìyókù padà ní kíákíá, kí wọ́n lè fi ra nǹkan mìíràn kí ìnáwó tó dé.

Àwọn ni kí o kọ́kọ́ pè, lórí fóònù, kí o tó kọ ọ̀rọ̀ sí ẹnikẹ́ni. Iye tí wọ́n bá mú ló máa sọ iye tó kù fún ọ láti pín. Kí o sì wo àwọ̀ èyí tó wà nílẹ̀ dáadáa. Tí Màmá bá yan àwọ̀ kan, tí tìrẹ bá jẹ́ òmíràn, sọ ọ́ kí wọ́n tó gbà.

Bùrọ̀dá Àpápá

Ájẹ́ńtì ni mí, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọjọ́ yìí. ETA tí ẹ ń rí lórí ìkànnì ilé iṣẹ́ ọkọ̀, ìyẹn ọjọ́ tí wọ́n ń retí pé ọkọ̀ á dé, ti ọkọ̀ ni, kì í ṣe ti ẹrù yín. Ọkọ̀ lè dúró sí ojú òkun kó tó rí àyè gúnlẹ̀. Tó bá gúnlẹ̀ tán, wọ́n á sọ kọ̀ńténà kalẹ̀, ìgbà yẹn ni ẹ máa rí "Discharged". Lẹ́yìn èyí, ẹ máa san owó kọ́sítọ́ọ̀mù, wọ́n á ṣí ẹrù wò, ẹ máa san ti ilé iṣẹ́ ọkọ̀ àti ti ibùdó tí wọ́n kó kọ̀ńténà sí ní èbúté, kí tírélà tó gba àyè láti wọlé. Láti 2021 ni tírélà tó ń lọ sí Àpápá àti Tíńkáànù ti ń gba àyè lórí ẹ̀rọ ayélujára tí wọ́n ń pè ní Ètò kó tó sún mọ́ èbúté. Ìgbà tí ẹ bá rí "Gate out", pé kọ̀ńténà ti jáde ní èbúté, ni kí ẹ tó dá ọjọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Kó tó di ìgbà yẹn, ibi tí ẹrù dé ni kí ẹ sọ, àti ọjọ́ tí ẹ tún máa fún wọn ní ìròyìn. Ìyẹn nìkan ló wà lọ́wọ́ yín.

Mọ́jí

Èmi náà sanwó fírísà, ẹni tó tà á fún mi ní ó wà ní èbúté, ó ti lé lóṣù méjì. Ṣé ó gbọ́dọ̀ fi ìdajì ránṣẹ́ sí mi ni?

Àlùhájà Dùgbẹ̀

Mọ́jí, fírísà kan kò ṣeé pín o. Owó rẹ ni kí o béèrè. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti 2018 fún ẹni tó san owó sílẹ̀ láyè láti fagi lé ohun tó rà. Kọ ọ́ sílẹ̀ ránṣẹ́ sí i, má sọ ọ́ lẹ́nu lásán.

Ìyá Tómi, Mọ́kọ́lá

Ẹ ṣé gan-an, Àlùhájà mi. Mo ti pe Màmá. Wọ́n kọ́kọ́ bínú, àmọ́ wọ́n ní 30 á tó fún tábìlì àwọn àgbà, àwọn á wá nǹkan mìíràn fún àwọn ọ̀dọ́. 16 ló kù sí mi lọ́wọ́. Mo ya 6 sọ́tọ̀ fún ará Ìlọrin, 10 fún àwọn tó rà fún ilé tí wọ́n bá ní ìdí tí wọn ò fi lè dúró. Ohun tí mo kọ fún wọn nìyí:

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Fílásíkì tí ẹ sanwó rẹ̀ wà ní èbúté Èkó, wọ́n ti sọ ọ́ kalẹ̀ látinú ọkọ̀, a ò tíì rí i gbé jáde. Mi ò fẹ́ dá ọjọ́ tí mi ò ní lè mú ṣẹ. Díẹ̀ wà nílẹ̀. Tí ẹ bá nílò rẹ̀ ní kíákíá, ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lò ó. Tí ẹ bá lè dúró, iye tí ẹ san náà ni, mi ò ní fi kọ́bọ̀ kan lé e. Tí owó yín lẹ fẹ́, ẹ fi nọ́ńbà àkáǹtì ránṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kó tó di Ọjọ́rú. Tí mi ò bá gbọ́, màá kà á sí pé ẹ gbà láti dúró."

Wàhálà mi báyìí ni owó Màmá, ₦420,000. Owó kan ṣoṣo tó wà lọ́wọ́ mi ni èyí tí mo fi pamọ́ fún ìpín tèmi nínú owó kọ́sítọ́ọ̀mù.

Àlùhájà Dùgbẹ̀

Yọ ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn kúrò. Ẹni tí kò fèsì lè má tíì rí i. Pè é. Kí o sì fi kún un pé ìwọ lo máa san wébílì ẹlẹ́ẹ̀kejì, torí ẹ̀ẹ̀mejì lo máa fi ẹrù ránṣẹ́ sí Ìlọrin.

Dọ̀tun

Mi ò gbà. Ìdajì ìdajì ló yẹ kí wọ́n san wébílì yẹn. Kì í ṣe òun ló ti èbúté pa.

Àlùhájà Dùgbẹ̀

Kì í ṣe oníbàárà náà.

Bùrọ̀dá Àpápá

Ẹ má fọwọ́ kan owó kọ́sítọ́ọ̀mù yẹn. Ìwé ẹrù kan ṣoṣo ni gbogbo yín jọ ní. Tí ìpín ẹnì kan bá kù, kọ̀ńténà gbogbo yín ló máa dúró, dímọ́réèjì, owó tí wọ́n ń gbà torí pé kọ̀ńténà pẹ́, á sì máa gorí ara wọn lójoojúmọ́.

Àlùhájà Dùgbẹ̀

Ohun tó sọ yé mi, ṣùgbọ́n owó Màmá ní ọjọ́ tirẹ̀. Bẹ̀ wọ́n kí o san ìdajì lọ́sẹ̀ yìí, ìdajì ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn. Má gba owó àsansílẹ̀ tuntun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láti fi dí i. Fílásíkì 30 tí wọn ò mú ti di tìrẹ. Tó bá jáde, màá ra 15 nínú rẹ̀, àmọ́ mi ò ní sanwó kí n tó rí ọjà.

Ìyá Tómi, Mọ́kọ́lá

Mo dúpẹ́, mà. Mo ti yọ ìlà yẹn. Ìdajì àkọ́kọ́, bóyá ẹ̀gbẹ́ àjẹṣẹ́kù ni màá ti yá a. Ṣé ẹnì kan wà níbí tí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ ń tètè yánilówó?