Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, wọn ò dá ìwé ìwáṣẹ́ mi lóhùn, ẹ wo ohun tí mo bá níbẹ̀

Ọmọ Ẹ̀gbá
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo fi ímeèlì kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ kan n'Ìkejà, akáńtáǹtì ni wọ́n ń wá. Mo so síífíì mọ́ ọn, mo so àwọn sẹ́tífíkéètì mi tí mo fi fóònù yà mọ́ ọn, ojú ewé 11 ló jẹ́. Ọjọ́bọ̀ dé, Ẹtì dé, wọn ò fọhùn, bí fóònù bá ti dún báyìí àyà mi á já.

Nígbà tó di Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, mo lọ sínú Sent, mo ṣí lẹ́tà tí mo kọ́kọ́ kọ, mo sì tẹ Reply sórí ẹ̀, mi ò bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ohun tí mo kọ ò ju ìlà mẹ́rin lọ. Mo kí wọn, mo ní èmi báyìí ni mo kọ̀wé fún iṣẹ́ akáńtáǹtì ní Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo ní ẹ jọ̀ọ́ ṣé ó tẹ̀ yín lọ́wọ́, àbí nǹkan kan ṣì kù tí mo lè fi kún un. Mo dúpẹ́, mo kọ nọ́ńbà mi sísàlẹ̀, ó tán.

Kò tó wákàtí méjì tí wọ́n fèsì! Wọ́n ní àwọn rí lẹ́tà mi ṣùgbọ́n àwọn ò rí fáìlì mi ṣí, pé àwọn ti ní kí n ṣí i fáwọn. Mo sáré lọ wo Spam, ibẹ̀ ni mo ti bá a, láti Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ti ń béèrè. Àṣé àwọn fáìlì mi ti ju 25MB tí Gmail máa ń gbà lọ, ló bá sọ wọ́n di líǹkì Google Drive. Ó bi mí lọ́jọ́ náà bóyá kó gba ẹni tí mo ń kọ̀wé sí láyè láti ṣí i, ìkánjú ni mo fi tẹ èyí tó wà níwájú mi. Èmi ń rò pé wọn ò kà mí sí, àwọn náà ń kan ilẹ̀kùn mi lọ́hùn-ún. Mo pa gbogbo ẹ̀ pọ̀ di PDF kan tí ò tó 3MB, mo fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn náà. Wọ́n ti pè mí pé kí n wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò.

Ìyá Ìbejì
O ṣeun, ọmọ mi. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi gba òṣìṣẹ́ sílé iṣẹ́, Reply tó o tẹ̀ yẹn ló gbà ẹ́, torí lẹ́tà àkọ́kọ́ wà nísàlẹ̀ ẹ̀, ẹni tó ń kà á ò ní máa wá orúkọ ẹ láàrin ìwé 400. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n máa pa ìpolówó dé kẹ́ ẹ tó ka ọ̀sẹ̀ kan o. Níbi tí mo wà, a kì í ṣí ìkankan títí ọjọ́ á fi pé. Ọmọkùnrin kan kọ̀wé ní ọjọ́ 3, ọjọ́ 21 la máa pa á dé, ó béèrè ní ọjọ́ 10. Kí la fẹ́ sọ fún un? Nígbà tó wá yẹ kó béèrè gan-an, ojú ń tì í.

Ọmọ Ẹ̀gbá
Ẹ ṣé mà. Àmọ́ ká ní mo dúró dìgbà yẹn ni, fáìlì mi ò bá wà ní títì títí wọ́n á fi yan èèyàn tán.

Ìyá Ìbejì
Òótọ́ nìyẹn, mi ò lè jiyàn ẹ̀.

Bọ̀dá Táyọ̀
Reply yẹn lèmi náà ń tẹ̀ o, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti dá wọn lóhùn, síbẹ̀ pàbó. Èyí tó sọ pé àwọn ti gba ìwé mi ni mo ń tẹ̀ ẹ́ sí.

Ìyá Ìbejì
Táyọ̀, kí ló wà níwájú @ nínú àdírẹ́sì yẹn?

Bọ̀dá Táyọ̀
noreply ni mà.

Ìyá Ìbejì
Ẹ̀rọ ló kọ ìyẹn, ẹnì kankan kì í ka ohun tẹ́ ẹ bá kọ síbẹ̀. Ẹ padà sínú ìpolówó iṣẹ́ náà, ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ àdírẹ́sì ẹni tẹ́ ẹ lè bi léèrè.

Àbẹ̀kẹ́
Ẹ jọ̀ọ́, èmi kọ̀wé sí yunifásítì kan ní London fún máásítà, ó ti di ọjọ́ mẹ́sàn-án, ṣé kí n kọ ìlà mẹ́rin yẹn sí wọn?

Ọmọ Ẹ̀gbá
Àǹtí, tiwa yìí iṣẹ́ ni o. Ẹ kọ́kọ́ wọlé síbi tẹ́ ẹ ti kún fọ́ọ̀mù, wọ́n sábà máa ń kọ ibi tó dé síbẹ̀.

Bọ̀dá Táyọ̀
Mo ti rí ìpolówó náà. Wọn ò kọ àdírẹ́sì kankan, wọ́n kàn ní ẹni táwọn bá yàn nìkan làwọn máa pè. Ṣé kí n ṣì béèrè?

Ìyá Ìbejì
Tó bá jẹ́ èmi ni, mi ò ní béèrè. Wọ́n ti fèsì ṣáájú nìyẹn.

Ọmọ Ẹ̀gbá
Ẹ má bínú mà, ohun kan náà ni tèmi kọ sínú ìpolówó tiwọn.