Dátà àjọrà: ta ni kó san púpọ̀, ta ni kó san díẹ̀? Ẹ wá sọ ìrírí yín

Àdùkẹ́:
Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Àwa mẹ́rin la jọ ń ra dátà oṣooṣù. Orí nọ́ńbà ẹnì kan nínú wa la máa ń rà á sí, òun ló sì ń pín in fún àwa yòókù láti orí fóònù rẹ̀, torí inú ilé kan náà la jọ ń gbé. Ọgbọọgba la ń dá owó rẹ̀. Kò sí ìjà níbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọ̀kan nínú wa ti ń wo fíìmù lálaalẹ́, dátà kì í rí ìparí oṣù mọ́. Èmi tí mo kàn ń ka ìròyìn, tí mo ń fèsì àtẹ̀jíṣẹ́, iye kan náà ni mò ń san. Mo sọ ọ́ jáde, wọ́n ní ahun ni mí. Ẹ̀yin tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí, báwo lẹ ṣe yanjú rẹ̀?

Ìyá Bọ́bọ̀:
Kí ló le ńbẹ̀? Iye tí oníkálukú bá lò ni kó san. Bí a ṣe ń ṣe é níbi iṣẹ́ wa nìyẹn. Bí oṣù bá parí, kálukú á ṣí fóònù rẹ̀, á ka iye gíìgì tó lò, òun la ó fi pín owó. Ẹni tó bá lo ìlọ́po márùn-ún á san ìlọ́po márùn-ún. Ọ̀ràn bùṣe.

Gbénró:
Ìyá Bọ́bọ̀, ẹ ṣeun, màá padà sórí ọ̀rọ̀ yín. Àdùkẹ́, kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ẹ kọ́kọ́ wádìí ẹni tó ń jẹ dátà náà gan-an. Nínú ilé tiwa, oníwòran fíìmù la fura sí. A ní kó sinmi díẹ̀. Ó sinmi, dátà sì ń lọ bó ṣe ń lọ tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí a wá wò ó dáadáa, kọ̀ǹpútà alágbèéká ẹni tó dákẹ́ jù nínú wa ló ń mu ún. Bí ó bá fi í sílẹ̀ lálẹ́, tó lọ sùn, kọ̀ǹpútà á máa fa àtúnṣe tuntun wọlé, á sì máa kó àwọn fọ́tò rẹ̀ lọ fi pamọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ ọlọ́mọ kò mọ̀ rárá.

Ohun tó fà á nìyí. Bí ẹ̀rọ yín bá ń gba íńtánẹ́ẹ̀tì láti orí fóònù ẹlòmíràn, wáìfáì ló kà á sí. Lójú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, wáìfáì kì í tán. Gbogbo nǹkan tó ti ń sún síwájú pé òun ò ní fi dátà fóònù ṣe, ìgbà yẹn ni yóò ṣe é. Ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún un pé èyí ní òṣùwọ̀n. Lórí Windows, ẹ wọ inú ìtò wáìfáì náà kí ẹ tan `Metered connection`. Lórí Android, ẹ tẹ orúkọ wáìfáì náà, kí ẹ yan `Treat as metered`, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibi tó máa ń wà yàtọ̀ láti fóònù kan sí òmíràn. Lórí iPhone, `Low Data Mode` ni. Èyí kò ní dí gbogbo ihò o, torí àwọn áàpù kan kì í ka òfin yẹn sí.

Pé wọ́n dá kọ̀ǹpútà lẹ́bi kò ní kí oníwòran má jẹ nǹkan kan. Netflix fúnra wọn sọ pé àwòrán tó kéré jù ń jẹ nǹkan bíi 0.3 gíìgì ní wákàtí kan, ti àárín ń jẹ 0.7, èyí tó mọ́ kedere sì lè jẹ tó 3. Ẹni méjì lè wo fíìmù kan náà kí ọ̀kan jẹ ìlọ́po mẹ́wàá èkejì. Ẹ ní kó yí ìtò yẹn padà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jà lórí owó.

Kọ́lá:
Èmi náà ni oníwòran fíìmù nínú ẹgbẹ́ tiwa, ẹ jẹ́ kí n gba ara mi sílẹ̀. Bí kì í bá ṣe èmi, kí ni àwọn yòókù fẹ́ fi dátà ńlá ṣe? Torí pé mò ń lo púpọ̀ la ṣe lè ra èyí tó tóbi, èyí tó tóbi náà ni gíìgì rẹ̀ ti dínwó. Bí mo bá jáde, àwọn tí wọ́n ń pè mí ní wọ̀bìà yìí á padà sídìí ra kékeré, wọ́n á sì rí ojú owó.

Gbénró:
Kọ́lá, òótọ́ wà nínú rẹ̀, òun náà ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Ìyá Bọ́bọ̀ tó tán. Ẹ jẹ́ kí n fi bí a ṣe pín tiwa hàn yín. Ká ní owó dátà náà jẹ́ 100, ẹ fi owó yòówù tí ẹ ń ná dípò rẹ̀. Gíìgì 80 ló wà nínú rẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ lo 8, ìkejì lo 12, ìkẹta lo 20, oníwòran lo 40.

Ìbéèrè tí a kọ́kọ́ bi ara wa ni pé, bí oníkálukú bá dá tirẹ̀ rà, èló ni ì bá ná? A wo iye tí wọ́n ń ta kékeré: ẹni àkọ́kọ́ ì bá ná 20, ìkejì 26, ìkẹta 36, oníwòran 58. Bí a bá wá pín 100 ní dọ́gbadọ́gba, 25 ló kan kálukú. Ẹni tó ń lo 8 á san 25 nígbà tí ì bá ná 20 ní tirẹ̀ nìkan. Àwa tí a ní à ń ràn án lọ́wọ́ ló ń fi 5 ràn lọ́wọ́ lóṣooṣù. Àdùkẹ́, ẹ ṣe ìṣirò yìí fún ara yín. Bó bá jẹ́ pé ẹ ń san ju ohun tí ẹ ì bá ná ní tiyín nìkan lọ, ẹ kì í ṣe ahun.

Ohun tí a wá ṣe ni pé a yọ 20 kúrò nínú 100, a pín in dọ́gba, 5 kan kálukú. Owó àyè nìyẹn, ẹ lò, ẹ kò lò, ẹ ó san án, torí àyè yín wà níbẹ̀. 80 tó kù bá gíìgì 80 dọ́gba, gíìgì kan jẹ́ 1. Ẹni àkọ́kọ́ san 13, ìkejì 17, ìkẹta 25, oníwòran 45. Gbogbo wọn ló san kéré sí ohun tí wọ́n ì bá ná ní àwọn nìkan, oníwòran gan-an ló sì jèrè jù, 13.

Owó àyè yẹn ló ń gbà wá lóṣù tí dátà bá ṣẹ́kù. Bí gbogbo wa bá lo 60 péré, 20 tó kù kò ní olówó. Ti Ìyá Bọ́bọ̀ á gbé gbogbo rẹ̀ ru àwọn tó lò, ẹni tó rin ìrìn àjò lóṣù yẹn ò ní san kọ́bọ̀. Tiwa pín 20 yẹn náà dọ́gba sórí gbogbo wa, 5 mìíràn ló kan kálukú.

Ìyá Bọ́bọ̀:
Hẹn-ẹn, mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó rin ìrìn àjò tí ò lo ẹyọ kan, kí ló dé tó fi máa san 10? Lọ́dọ̀ tiwa, ìjà ni yóò dá sílẹ̀.

Gbénró:
Ó dá a sílẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa náà, ẹ má rò pé kò dá a sílẹ̀. A pa á láṣẹ pé ẹni tó bá fẹ́ lọ gbọ́dọ̀ sọ kí a tó ra dátà, a ó sì ra èyí tó kéré. Bó bá sọ lẹ́yìn tí a ti rà á, ó ti pẹ́.

Nípa kíka fóònù, ẹ ṣọ́ra. Iye tí fóònù kà kì í fi bẹ́ẹ̀ bá ti ilé-iṣẹ́ tó ta dátà dọ́gba. iPhone kì í fúnra rẹ̀ tún kíkà bẹ̀rẹ̀ lóṣooṣù: `Current Period` á máa pọ̀ sí i títí ẹ ó fi tẹ `Reset Statistics`. Mo ti rí ẹni tí wọ́n fẹ́ gba owó oṣù mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀ torí bẹ́ẹ̀. Fún ẹ̀yin tó ń gbà á láti orí fóònù ẹlòmíràn, lílò yín kò sí lábẹ́ dátà fóònù lórí ẹ̀rọ yín, abẹ́ wáìfáì ló wà. Fóònù ẹni tó ń pín in náà sábà máa ń kà gbogbo yín pọ̀ ni. Nítorí náà, ẹ jọ bẹ̀rẹ̀ kíkà lọ́jọ́ tí ẹ ra dátà, kí ẹ lo iye tí kálukú kà láti mọ ìdá tó kàn án nìkan, kí ẹ sì fi iye tí ilé-iṣẹ́ bá sọ ṣe àpapọ̀.

Déńdè:
Ọ̀rọ̀ yìí ba mi nínú jẹ́. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n san ju tàwọn lọ lórí àkáǹtì fíìmù tí a jọ ń san, pé èmi ni mo ń wò ó jù. Ṣé 5 yẹn náà ni kí n kọ́kọ́ san?

Gbénró:
Rárá, Déńdè, ẹ̀yin ti kó méjì pọ̀. Dátà ń tán bí ẹ bá ń lò ó. Àkáǹtì fíìmù kì í tán. Ẹ wo ó láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, owó kan náà ni, kò sì dín ti ẹnikẹ́ni kù. Iye ojú tó lè wo ó lẹ́ẹ̀kan náà ni ohun tó ń tán ńbẹ̀. Bí ètò yín bá fàyè gba ẹni méjì lẹ́ẹ̀kan, tí ẹ sì jẹ́ mẹ́rin, ìjà yín wà ní alẹ́ tí gbogbo yín dé ilé. Ẹ jẹ́ kó dọ́gba, àyàfi ẹni tó bá ní òun fẹ́ ètò tó ga, tí àwọn yòókù kò nílò rẹ̀. Ìyàtọ̀ owó ètò méjèèjì ni kó san lé e.

Títí:
Kí ẹ tó pín ohunkóhun, ẹ wò ó bóyá ilé-iṣẹ́ náà gbà kí ẹni tí kò bá yín gbé inú ilé kan náà lò ó. Netflix ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn bẹ́ẹ̀ dúró láti 2023, ní àwọn orílẹ̀-èdè kan, ẹ lè san owó lé e láti fi ẹni kan kún un. Wọ́n já ọ̀rẹ́ mi kan kúrò láàárín oṣù, ó sì ti san tirẹ̀. Orí ta ni owó yẹn á wà? A kò tíì rí ojútùú rẹ̀.

Kọ́lá:
Gbénró, mo ti fi ìṣirò yín wo tèmi. 45 dá mi lójú pé kò burú, ó sàn ju 58. Ṣùgbọ́n mo ṣì ń sọ ọ́ pé èrè tó ti ara mi wá yìí, ó yẹ kí wọ́n fi díẹ̀ dá mi lọ́lá. Ẹ sọ fún mi, ta ni yóò pàdánù jù bí mo bá kúrò?

Àdùkẹ́:
Èmi kọ́ ni màá dáhùn ìyẹn, Kọ́lá. Gbénró, ẹ ṣeun. Mo ṣírò ti wa, mò ń san ju ohun tí ǹ bá dá ná lọ. Mo ti ní kí a tan `Metered connection` sórí gbogbo ẹ̀rọ lónìí, kí a wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ kí a tó sọ̀rọ̀ owó àyè. Ẹni tó ń pín in fún wa béèrè bóyá kó san owó àyè náà, níwọ̀n bó ti jẹ́ pé bátìrì fóònù rẹ̀ ló ń tán fún gbogbo wa. Kí ni kí n sọ fún un?

Ìyá Bọ́bọ̀:
Ẹ yọ 5 náà kúrò lórí rẹ̀. Èmi ì bá tilẹ̀ gba jù bẹ́ẹ̀ lọ.