Póòlù méjì lójú kan, méjì tó jẹ́ kọ́ńpúlẹ́ẹ̀sì: D kan ń fún mi ní iye mẹ́ta

Akẹ́kọ̀ọ́ Agbowó: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Èyí ni Laplace tí mo fẹ́ dá padà láti s sí t:

```
F(s) = 50 / ((s+1)^2 (s^2+4s+13))
```

Mo fọwọ́ bo (s+1)^2, mo fi -1 sípò s nínú ìyókù, mo rí 5. Mo wá kọ ọ́ sí 5/(s+1)^2 + (Cs+D)/(s^2+4s+13). Nígbà tí mo tú u, ti s^3 ní C jẹ́ 0. Ti s^2 ní D jẹ́ -5, ti s ní -10, èyí tí kò ní s rárá ní -15. Èwo ni kí n mú?

Ẹ̀rọ Mókọ́lá: Gbogbo póòlù rẹ ló wà lápá òsì. Kò séwu, yóò rọlẹ̀ sí òdo.

Akẹ́kọ̀ọ́ Agbowó: Ẹ ṣé sà, àmọ́ kì í ṣe bóyá yóò rọlẹ̀ ni mo bèèrè.

Bọ̀dá Síńyálì, Sàngó: Àbúrò, má mú ìkankan. Bí D bá ń fún ọ ní iye mẹ́ta, ìdá kan ló sọnù nínú ohun tí o kọ. Póòlù méjì ló wà lójú -1, ìdá méjì ni wọ́n sì ń bèèrè: A/(s+1) àti B/(s+1)^2. B ni 5 tí o rí, ó sì tọ̀nà. Ìfọwọ́bò kò lè mú A jáde, torí (s+1) ṣì kù lára A, -1 á sì sọ ọ́ di òdo. Dífárẹ́ńṣíétì ìyókù lẹ́ẹ̀kan kí o tó fi -1 sí i:

```
d/ds [50/(s^2+4s+13)] = -50(2s+4)/(s^2+4s+13)^2
s = -1:  A = -100/100 = -1
```

C kò ní wàhálà. Fi s sọ gbogbo rẹ̀ di púpọ̀, kí o jẹ́ kí s tóbi títí: A + C gbọ́dọ̀ di òdo, C = 1. Fi 0 sípò s: 50/13 = -1 + 5 + D/13, D = -2.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣubú jù ló kù. Ìdá tó kẹ́yìn ni (s-2)/((s+2)^2+9). Ìsàlẹ̀ ń sọ s+2, òkè náà gbọ́dọ̀ sọ s+2, nítorí náà kọ s-2 sí (s+2) - 4. Sáìnì ń fẹ́ 3 lókè, 4 ló wà níbẹ̀, ó di 4/3:

```
f(t) = -e^(-t) + 5t e^(-t) + e^(-2t)[cos 3t - (4/3) sin 3t]
```

Yẹ̀ ẹ́ wò kí o tó fà á lé olùkọ́ lọ́wọ́. Ìsàlẹ̀ F fi agbára mẹ́rin ju òkè lọ, nítorí náà f(0) àti f'(0) gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo. f(0) ni -1 + 1. f'(0) ni 1 + 5 - 2 - 4. Ẹni tó bá fi -2 sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ yóò kọ 2/3 síwájú sáìnì. f(0) rẹ̀ á ṣì jẹ́ òdo, á sì tàn án jẹ. f'(0) ló máa tú àṣírí, torí 2 ló máa bá níbẹ̀.

Ọmọ Apẹ̀tẹ́: Kí la fẹ́ fi C àti D ṣe? Fọwọ́ bo póòlù -2+3j tààrà: K = 50/((-1+3j)^2 · 6j) = 1/2 + (2/3)j. Gígùn rẹ̀ 5/6, igun rẹ̀ 53.13°. Ó parí: (5/6)e^(-2t) cos(3t + 53.13°).

Bọ̀dá Síńyálì, Sàngó: K rẹ tọ̀nà, ṣùgbọ́n 5/6 kò tọ̀nà. Póòlù -2-3j náà mú tiẹ̀ wá. Táyé àti Kẹ́hìndé ni wọ́n, o ò lè bọ́ ọ̀kan kí o gbàgbé èkejì. Bí o bá rò wọ́n pọ̀, apá j pa ara rẹ̀ rẹ́, èyí tó kù di ìlọ́po méjì: 5/3. Pẹ̀lú 5/6 tìrẹ, f(0) á jẹ́ -1/2. Rédíánì sì ni 3t, nítorí náà 0.927 ni kí o tẹ̀ sínú kakulétọ̀, má tẹ 53.13 mọ́ ọn.

Ọmọ Apẹ̀tẹ́: Mo gbà, mo gbàgbé ìlọ́po méjì. Síbẹ̀ ọ̀nà mi yá ju tiyín lọ nínú ìdánwò.

Oníṣẹ́ Dùgbẹ̀: Èmi o, fíltà ni mò ń so. Rẹsísítọ̀ 5% ni mo máa ń rà, póòlù méjì ò lè bọ́ sójú kan náà láéláé. Ṣé te^(-t) yìí kì í ṣe ti inú ìwé lásán?

Bọ̀dá Síńyálì, Sàngó: Rárá o. Ká ní wọ́n bọ́ sí -1 àti -1.01. 1/((s+1)(s+1.01)) á di 100e^(-t) - 100e^(-1.01t): nọ́ńbà ńlá méjì tí a yọ kúrò lára ara wọn kí kékeré tó jáde. Nígbà tí t = 1, òótọ́ rẹ̀ ni 0.366, te^(-t) sì ní 0.368. Ṣùgbọ́n bí o bá gé e^(-t) àti e^(-1.01t) sí dẹ́símà méjì, 0.37 àti 0.36, ìdáhùn á fò di 1. Fún irú èyí, te^(-t) ló sàn jù.

Oníṣẹ́ Dùgbẹ̀: Báwo ni wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ súnmọ́ra tó kí n tó kà wọ́n sí ọ̀kan?

Ọmọ Apẹ̀tẹ́: Tí ìyàtọ̀ wọn ò bá ti ju 1% lọ.

Bọ̀dá Síńyálì, Sàngó: Ó kù sí bí t ṣe gùn tó. Pẹ̀lú 1% yẹn, àṣìṣe jẹ́ ìlàjì 1% ní t = 1, àmọ́ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 5% ní t = 10, bó tilẹ̀ jẹ́ pé síńyálì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán nígbà náà.

Oníṣẹ́ Dùgbẹ̀: Tèmi fi 4% yàtọ̀ síra, ìrù síńyálì yẹn gan-an ni mo sì fẹ́ wọ̀n.