Wọ́n ń kó aṣọ sínú kaatì, wọn kì í sanwó: kí ni kí n bi wọ́n?

Ìyá Aláṣọ Ògìdì: Ẹ ọ̀kún o gbogbo ilé. Mo ń ta aṣọ òkè táwọn ìyá wa ń hun níbí ní Ògìdì, ọmọ mi sì ṣí ṣọ́ọ̀bù ọ́nláìn fún mi. Lóṣù tó kọjá èèyàn 62 ló kó aṣọ sínú kaatì, 14 péré ló sanwó. Àwọn 48 yòókù, wọ́n kàn lọ ni. Mo ti kọ ìbéèrè 15 sínú fọ́ọ̀mù kan tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí wọn, èkíní ni "Ṣé aṣọ wa wọ́n jù ni?" Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wò ó bóyá ó dáa.

Ọmọ Ìyàrà: Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi káàdì ìpè 500 náírà sí i, gbogbo wọn ló máa dáhùn!

Bùrọ̀dá Kàbà: Wọ́n á dáhùn lóòótọ́, àmọ́ àwọn tí ò wo aṣọ rí náà á dáhùn torí káàdì. Èyí tó tún burú jù ni ẹ̀dínwó, torí oníbàárà tó bá ti rí i pé ẹni tó fi kaatì sílẹ̀ ló ń gba ẹ̀dínwó, á máa fi í sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà.

Ìyá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbé 15 yẹn jù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tí ò ráàyè sanwó ò lè ráàyè fún ìbéèrè 15. Tẹ́ ẹ bá sì ti bi èèyàn bóyá aṣọ wọ́n, "bẹ́ẹ̀ ni" ló máa sọ, torí ta ló máa ń sọ pé ọjà ò wọ́n? Ẹ kọ́kọ́ wo ojú ìwé tí ọmọ yín fi ń bójú tó ṣọ́ọ̀bù yẹn ná, ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan dúró sí máa ń wà níbẹ̀. Mélòó ló dúró kó tó kọ nọ́ńbà fóònù, mélòó ló dúró lẹ́yìn tó rí owó gbígbé ẹrù, mélòó ló dé ibi ìsanwó?

Ìyá Aláṣọ Ògìdì: Ọmọ mi ti wò ó. 19 ò kọ nọ́ńbà rárá. 21 dúró níbi owó gbígbé, 8 dé ibi ìsanwó.

Bùrọ̀dá Kàbà: Ó dáa. Àwọn 19 yẹn ò ṣeé bá sọ̀rọ̀, ìdáhùn táwọn tó kù bá fún yín, ẹ má gbà pé tiwọn náà nìyẹn. Àwọn tó sì ti pé ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n á kàn ronú nǹkan tó jọ òótọ́ fún yín ni. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí àwọn tuntun, kí ọjọ́ kejì má kọjá, ẹ kọ ọ́ lórí Wásáàpù báyìí: "Ẹ káàsán, ẹ yan aṣọ kan lọ́dọ̀ wa lánàá. Mi ò ní kẹ́ ẹ wá rà á o, mo kàn fẹ́ mọ̀ ni, níbi tẹ́ ẹ dé kẹ́ ẹ tó kúrò, kí lẹ rí tàbí kí ló ṣẹlẹ̀?" Ìbéèrè kan ṣoṣo. Ẹ má fi ìdáhùn sí wọn lẹ́nu.

Ọmọ Mọpà l'Ábújá: Èmi o, mo máa ń kó nǹkan sí kaatì kí n má bàa gbàgbé ibi tí mo ti rí i ni, tí owó oṣù bá wọlé mo lè rà á, mo lè má rà á. Ẹni tó bá bi mí, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ.

Bùrọ̀dá Kàbà: Ẹ ṣé gan-an. Irú yín pọ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ kà wọ́n sọ́tọ̀ ìyá, torí kò sóhun tẹ́ ẹ máa tún ṣe lára ṣọ́ọ̀bù tó máa mú wọn sanwó lọ́jọ́ yẹn.

Àǹtí Ìsánlú: Èmi ò fara mọ́ ti Wásáàpù yẹn o. Ẹ pè wọ́n! Ohùn èèyàn máa ń tú àṣírí.

Bùrọ̀dá Kàbà: Àǹtí, ẹni tẹ́ ẹ bá pè lè máa tijú, á ní "màá rà á lọ́la" kẹ́ ẹ lè kúrò lórí fóònù. Àmọ́ fáwọn àgbà tí kì í tẹ nǹkan, ẹ lè jàre.

(Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án)

Ìyá Aláṣọ Ògìdì: Ẹ ọ̀kún o. Mo kọ ọ́ sí èèyàn 11, 7 dáhùn. Méjì kàn ń wòran ni. Mẹ́rin ní "owó ni", mo wá ní kí n tún bi wọ́n, owó aṣọ àbí owó wéébìlì? Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó fèsì ní wéébìlì ni, wọn ò rí i àfìgbà tí wọ́n kọ àdírẹ́sì tán. Ọ̀kan ní òun ti sanwó, báńkì ti yọ ọ́, ṣọ́ọ̀bù ní kò wọlé.

Ọmọ Ìyàrà: Ẹ yáa dín owó aṣọ kù!

Bùrọ̀dá Kàbà: Ta ló sọ̀rọ̀ aṣọ ńbẹ̀? Ẹ gbé owó wéébìlì ìlú kọ̀ọ̀kan sábẹ́ fọ́tò aṣọ, ìyá, kẹ́ ẹ tún ka àwọn tó ń dúró níbẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Èèyàn mẹ́ta kéré, àmọ́ ibi tí 21 ti dúró náà nìyẹn, ìyẹn ni mo ṣe gbà á gbọ́. Ẹni tí báńkì yọ owó rẹ̀ yẹn kì í ṣe ti ká máa bi í ní ìbéèrè mọ́ o. Ẹ ní kó fi ẹ̀rí tránsífà ránṣẹ́ lónìí.

Ìyá Aláṣọ Ògìdì: Mo ń pè é báyìí, kò gbé e.