Lífítì tàbí àlọbọ̀? Orúkọ fún ọ̀nà méjì tí díìsìkì ń gbà yan ìbéèrè

Tíṣà Kọ̀ǹpútà: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mò ń kọ ìwé fún kíláàsì mi lórí bí orí akàwé díìsìkì, ìyẹn apá tó ń rìn káàkiri láti ka dátà, ṣe ń yan ìbéèrè tó máa kọ́kọ́ dá lóhùn. Ọ̀nà tó máa ń lọ síbi tó sún mọ́ ọn jù, mo pè é ní "asúnmọ́-ló-kàn". Èyí tó ń lọ sókè tó tún ń bọ̀ nísàlẹ̀, mo pè é ní "ìlànà lífítì". Ṣé àwọn orúkọ yìí bá iṣẹ́ wọn mu?

Ìyá Ìbejì: Asúnmọ́-ló-kàn dáa gan-an, ẹ má yí i padà. Lífítì ni mi ò fara mọ́. Níbi iṣẹ́ wa, mo lè dúró ní àjà kẹta kí n máa lọ sísàlẹ̀, kí lífítì kọjá níwájú mi lọ sókè láìdúró. Ṣé bí díìsìkì náà ṣe ń ṣe nìyẹn? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìlànà burúkú ni.

Àbúrò Akẹ́kọ̀ọ́: Ẹ má bínú sí lífítì, mà. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé orí akàwé gbọ́dọ̀ dé sílíńdà tó gbẹ̀yìn, ìyẹn ipa dátà tó wà létí díìsìkì, kó tó yí padà, nítorí náà "etí-dé-etí" ni kí ẹ pè é. Kò sì sí bó ṣe lè bá asúnmọ́-ló-kàn dọ́gba, torí ìrìn tiẹ̀ ló máa ń kúrú jù nígbà gbogbo.

Ẹ̀gbọ́n Oníṣẹ́-ẹ̀rọ: Àbúrò, ẹ jẹ́ ká fi ìlà kan ṣoṣo wò ó. Sílíńdà bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 199. Orí akàwé wà lórí 50, ó ń lọ sókè. Àwọn tó ń dúró ni 58, 36, 95, 45, 20 àti 72.

Asúnmọ́-ló-kàn kì í wo ibi tó ti kọjú sí. 45 ló máa kọ́kọ́ bọ́ sí, nítorí 5 péré ló fi jìnnà sí i, tí 58 sì fi 8 jìnnà. Láti ibẹ̀, ó di 36, ó di 20, kó tó wá gòkè lọ bá 58, 72 àti 95. Gbogbo ìrìn rẹ̀ jẹ́ 105. Èkejì máa mú 58, 72 àti 95 lójú ọ̀nà, á yí padà níbẹ̀, á sì mú 45, 36 àti 20. Ìrìn tiẹ̀ jẹ́ 120.

Lórí ìlà yìí, asúnmọ́-ló-kàn fi 15 borí. Ṣùgbọ́n ká ní ìsàlẹ̀ ni orí akàwé kọjú sí tẹ́lẹ̀, 105 náà ni èkejì máa rìn. "Nígbà gbogbo" yẹn ni mi ò gbà. Ní ti etí-dé-etí, irú èyí tó ń dé etí wà lóòótọ́, àmọ́ lórí ìlà yìí, yóò lọ dé 199 láìsí ẹni tó pè é, ìrìn rẹ̀ á sì di 328. Èyí tó ń yí padà níbi ìbéèrè tó gbẹ̀yìn ni Tíṣà ń sọ.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ yín ló tún ojú mi là sí orúkọ náà. Lífítì kọjá yín nítorí bọ́tìnnì tí ẹ tẹ̀ sọ ìhà tí ẹ ń lọ fún un. Ìbéèrè orí díìsìkì kò ní ìhà. Sílíńdà nìkan ló ní. Orí akàwé kì í fo ẹni tó ti wà lórí ìlà tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, "àlọbọ̀" ni màá mú. Síbẹ̀, kí àwọn ọmọ mọ̀ pé nínú Linux, fáìlì `block/elevator.c` ṣì ń jẹ́ orúkọ lífítì.

Ìyá Ìbejì: Àlọbọ̀ tẹ́ mi lọ́rùn. Ṣùgbọ́n bí asúnmọ́-ló-kàn bá fi 15 borí, kí ló dé tí a tún ń wá òmíràn?

Ẹ̀gbọ́n Oníṣẹ́-ẹ̀rọ: Ẹ wo ẹni tó wà ní 95. Lọ́dọ̀ àlọbọ̀, orí akàwé dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ìrìn 45. Lọ́dọ̀ asúnmọ́-ló-kàn, òun ló kẹ́yìn, lẹ́yìn 105, ìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò bá tún wọlé. Ká ní orí akàwé wà ní 20, tí 30 dé, tí 25 tẹ̀ lé e, tí 38 tún dé kó tó ṣe tán, ìsàlẹ̀ ló máa jókòó sí. Bí irú wọn bá ń wọlé láìdáwọ́ dúró, 95 lè má rí ìdáhùn láé. "Ìfebipa" ni mò ń pè é.

Àlọbọ̀ náà ní ibi tó ti lè há o. Bí ìbéèrè tuntun bá ń bọ́ sórí sílíńdà tó wà gan-an ṣáá, kò ní kúrò níbẹ̀. Àwọn kan máa ń ti ìlà náà pa, wọ́n á ní kí àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé dúró de ìrìn tó kàn.

Àbúrò Akẹ́kọ̀ọ́: Mo gbà nípa 328, ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ "ìfebipa" ti le jù. Ìbéèrè kì í jẹun. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ "ìdúró-láìlópin".

Ẹ̀gbọ́n Oníṣẹ́-ẹ̀rọ: Èmi ò fara mọ́ ọn. Ẹni tó dúró láìlópin lè jẹ́ pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Níbí, ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, àwọn ẹlòmíràn ń jẹ, ẹnì kan ni kò kàn.

Tíṣà Kọ̀ǹpútà: Mo ti fi àlọbọ̀ rọ́pò lífítì, màá sì gbé ìlà 50 yẹn sínú ìwé pẹ̀lú 105 àti 120. Ìfebipa àti ìdúró-láìlópin ni mi ò tíì mú ọ̀kan nínú wọn. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì sọ̀rọ̀, èwo lẹ fara mọ́?