Akẹ́kọ̀ọ́ mi ò rí ojútùú àìdẹ́ńtítì tirigonọ́mẹ́tírì: báwo ni kí n ṣe ètò kíláàsì orí bọ́ọ̀dù ayélujára?

Tíṣà Adétí

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Iléṣà ni mo wà, iṣẹ́ lẹ́sìnnì ni mò ń ṣe. Ọmọ kan wà ní Mọ̀dákẹ́kẹ́ tó wà ní SS2, Fọ́dà Mátììsì ń bá a fínra gan-an. Owó ọkọ̀ láti Iléṣà dé Ifẹ̀ ti fẹ́ gbé owó lẹ́sìnnì mì, ni èmi àti ìyá rẹ̀ bá fẹnu kò pé ká máa ṣe é lórí ayélujára. Láptọ́ọ̀pù ni màá lò, fóònù ìyá rẹ̀ ni òun máa lò.

Ọmọ náà mọ sáìn, kósáìn àti tan. Tí ẹ bá ya onígun mẹ́ta fún un, á wá igun rẹ̀ jáde láìsí wàhálà. Àmọ́ tí ìbéèrè bá ti ní "fi hàn pé èyí bá ìyẹn dọ́gba," ọwọ́ rẹ̀ á rọ. Èyí ló ṣe kẹ́yìn:

sinθ/(1 + cosθ) + (1 + cosθ)/sinθ = 2/sinθ

Mo fi fọ́tò iṣẹ́ rẹ̀ síbí kí ẹ lè rí i. Ó dé 2/[sinθ(1 + cosθ)], ló bá fi bíírò fa ìlà gba orí (1 + cosθ), ó kọ 2/sinθ, ó fà á lábẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ètò mi fún Sátidé ni wákàtí kan: màá kọ fọ́múlà mẹ́wàá sórí bọ́ọ̀dù, màá ṣe àpẹẹrẹ márùn-ún kó máa wò mí, màá wá fún un ní iṣẹ́ àṣetiléwá. Ṣé ètò yẹn dáa? Bọ́ọ̀dù wo ló sì dáa tí àwa méjèèjì á lè jọ máa kọ̀wé sí?

Ìyá Ìbejì, Lágéré

Ẹ kú iṣẹ́, Tíṣà. Èmi ra bọ́ọ̀dù funfun kan fún àwọn ìbejì mi, mo kàn án mọ́ ògiri pálọ̀. Bọ́ọ̀dù yẹn ò níṣòro o, máákà ni kì í pẹ́ gbẹ. Ẹ sọ fún ìyá ọmọ náà kó máa dé e dáadáa.

Tíṣà Adétí

Ẹ ṣé mà. Bọ́ọ̀dù orí ẹ̀rọ ni mò ń wí, tí èmi wà ní Iléṣà tí òun wà ní Ifẹ̀, tí a jọ ń kọ ọ́.

Ìyá Ìbejì, Lágéré

Áà! Ẹ má bínú. Mo ti ń ronú ẹni tó máa gbé e láti Iléṣà.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà

Tíṣà, kó há a sórí, kò sí àbùjá kankan. Ọmọ tí kò bá mọ sin²θ + cos²θ = 1 lójú oorun kò lè ṣe é. Ìbéèrè tí ẹ kọ yìí gan-an kò le: ẹ fi sinθ(1 + cosθ) sọ ọ̀tún àti òsì di púpọ̀, ìdá á kúrò nílẹ̀, ọ̀tún àti òsì á di ohun kan náà. Ó tán.

Bàbá Fọ́dà, Ilé-Ifẹ̀

Tíṣà, mo fẹ fọ́tò yẹn tóbi, mo yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Tirigonọ́mẹ́tírì kọ́ ló ń da ọmọ yẹn láàmú. Wo ìlà kejì rẹ̀: nígbà tó tú (1 + cosθ)², 1 + cos²θ ló kọ. 2cosθ tó yẹ kó wà láàárín ò sí níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òkè fi di 2 péré, tí (1 + cosθ) tó wà nísàlẹ̀ ò fi rí ẹni tí wọ́n jọ máa lọ. Ìdáhùn sì ti wà nínú ìbéèrè, ó mọ ibi tó yẹ kó gúnlẹ̀ sí, ló bá fi bíírò lé e lọ. Ogún fọ́múlà ò lè tún ìyẹn ṣe, ká má tíì sọ mẹ́wàá.

Nítorí náà, fi nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ wá ibi tó ń jò. Má tíì dárúkọ àìdẹ́ńtítì. Ní kó ro 1/x pọ̀ mọ́ 1/y, kó tú (1 + c)², kó sì sọ iye tí sin²30° jẹ́. Ti ìkẹyìn yẹn ni kí o ṣọ́ jù. Àwọn kan máa ń sọ 30 di 900 kí wọ́n tó tẹ sáìn, kalikulétọ̀ á fún wọn ní 0, bẹ́ẹ̀ 0.25 ni. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ò tíì mọ ohun tí 2 kékeré yẹn ń síkúéà, ẹ ò sì lè kúrò lójú kan náà títí á fi yé e.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ ṣe, èyí tó kọsẹ̀ lára rẹ̀ yìí. Ní kó fi s dípò sinθ, kó fi c dípò cosθ, kí ojú rẹ̀ lè balẹ̀:

s/(1 + c) + (1 + c)/s
= [s² + (1 + c)²] / [s(1 + c)]
= [s² + 1 + 2c + c²] / [s(1 + c)]
= [2 + 2c] / [s(1 + c)]
= 2/s

Dúró ní ìlà kẹta. Jẹ́ kó fi àwọ̀ mìíràn yí s² àti c² po, kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ìdí tí méjèèjì fi di 1. Ibẹ̀ nìkan ni tirigonọ́mẹ́tírì wà nínú gbogbo iṣẹ́ yẹn, áljẹ́brà ni ìyókù. Ní ìlà kẹrin, kó kọ 2(1 + c) síta gbangba kó tó pa ohunkóhun rẹ́, torí ohun tí wọ́n fi sọ gbogbo òkè di púpọ̀ nìkan la lè pa rẹ́ mọ́ ti ìsàlẹ̀.

Kó wá fi 60° dán an wò. Sáìn 60° jẹ́ 0.866, kósáìn rẹ̀ jẹ́ 0.5. Apá òsì á jẹ́ 0.577 pẹ̀lú 1.732, ìyẹn 2.309. Apá ọ̀tún náà á jẹ́ 2.309. Kó wá dán ìlà tó fi bíírò lé lọ yẹn wò: 1.540 ló máa rí. Á fojú ara rẹ̀ rí i pé kí bíírò tó dé ni nǹkan ti bàjẹ́. Ìdánwò yìí kì í ṣe ẹ̀rí o, igun kan péré ni, àmọ́ á fi ìlà tó ti ṣìnà hàn án. Má ṣe lo 45°, torí sáìn àti kósáìn dọ́gba níbẹ̀: bó bá fi ọ̀kan sípò èkejì, kò ní hàn.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà

Bàbá, ẹ ò sọ nǹkan kan nípa sísọ ọ̀tún àti òsì di púpọ̀ tí mo wí.

Bàbá Fọ́dà, Ilé-Ifẹ̀

Mi ò fẹ́ kó kọ́ ọ ni. Wọ́n ní kó fi hàn pé méjèèjì dọ́gba, ìwọ sì ti fi ìdọ́gba bẹ̀rẹ̀. Wo èyí: sinθ = √(1 − cos²θ). Síkúéà ọ̀tún àti òsì, méjèèjì á di ohun kan náà, wàá ní o ti fi hàn. Lọ fi 210° sí i. Òsì á jẹ́ −0.5, ọ̀tún á jẹ́ 0.5. Irọ́ ni, o sì "fi hàn."

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà

Àmọ́ mi ò síkúéà nǹkan kan, sà. Mo sọ ọ́ di púpọ̀ lásán ni. Níwọ̀n ìgbà tí s(1 + c) kì í bá ti ṣe 0, mo lè gba ọ̀nà tí mo gbà wá padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Bàbá Fọ́dà, Ilé-Ifẹ̀

Òótọ́ lo sọ níbẹ̀, mo gbà fún ọ. Ìwọ mọ ìyàtọ̀ méjèèjì, ọmọ SS2 tó ń fi bíírò lé nǹkan lọ ò mọ̀ ọ́n. Kó mú apá kan, kó máa bá a bọ̀ títí á fi di apá kejì. Ìgbà tó bá dàgbà kó máa ṣe tìrẹ.

Ará Sábó

Ẹ jẹ́ n dáhùn ti bọ́ọ̀dù. Tí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ lo Jamboard, ó ti kógbá wọlé láti ìparí 2024. Zoom ọ̀fẹ́ máa ń gé lẹ́yìn 40 ìṣẹ́jú, á sì gé yín síbi tó dùn jù. Excalidraw ni mò ń lò: ẹ ṣí i nínú búráúsà, ẹ tẹ Share, ẹ tẹ Start session, ẹ fi líǹkì tó bá jáde ránṣẹ́ sí ọmọ náà. Kò ní láti forúkọ sílẹ̀ rárá. Ẹ má gbé ohùn gba orí bọ́ọ̀dù, ẹ kàn pè é lórí ìpè lásán. Tí dátà bá ń ṣe ségesège, bọ́ọ̀dù á fà díẹ̀ àmọ́ ẹ ó ṣì máa gbọ́ ara yín.

Bọ́ọ̀dù yẹn ò lópin, ibẹ̀ ni wàhálà ẹ̀ wà. Ẹ̀yin á wà ní òkè, ọmọ á ti fìka fa tirẹ̀ lọ sísàlẹ̀, ẹ ó máa bi ara yín pé "níbo lo wà?" Kó tó wọlé, ẹ ya àpótí ńlá kan, kí ẹ ní ibẹ̀ nìkan lẹ ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ tún lè tẹ àmì orúkọ rẹ̀ lókè, ojú bọ́ọ̀dù tiyín á máa tẹ̀ lé ibi tó ń wò.

Ìka lórí fóònù ò lè kọ ìdá alájà méjì, ẹ má tan ara yín. Ìbéèrè kúkúrú àti yíyí nǹkan po ni kó fi ìka ṣe. Iṣẹ́ gígùn, kó kọ ọ́ sínú ìwé, kó ya fọ́tò rẹ̀, kó gbé e sórí bọ́ọ̀dù, kí ẹ wá jọ fi àwọ̀ kọ nǹkan sí i lórí. Kí ẹ tó túká, ẹ tẹ Export image, ẹ tọ́jú rẹ̀.

Tíṣà Adétí

Ẹ ṣeun gan-an. Bàbá, mo ti pa fọ́múlà mẹ́wàá yẹn tì. Ẹ̀rù kan ló ń bà mí: ìyá rẹ̀ máa ń jókòó tì í. Ìbéèrè kan ṣoṣo láàárín ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta, kò ní rò pé mo kàn ń gbowó òun ni?

Bàbá Fọ́dà, Ilé-Ifẹ̀

Fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìkẹyìn sílẹ̀ fún ọmọ yẹn nìkan. Fún un ní èyí:

cosθ/(1 + sinθ) + (1 + sinθ)/cosθ = 2/cosθ

Ìbejì tàkọ́kọ́ ni, àwọn méjèèjì kàn pààrọ̀ aṣọ ni. Gbé ọwọ́ rẹ kúrò lórí bọ́ọ̀dù, má sọ̀rọ̀, kódà bó bá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Bó bá kọ 2sinθ sáàárín nígbà tó ń tú síkúéà yẹn, fi ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá àti tòní han ìyá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Tí kò bá kọ ọ́, áljẹ́brà ni Sátidé tó ń bọ̀, o ò ní fọwọ́ kan tirigonọ́mẹ́tírì rárá.

Ìyá Ìbejì, Lágéré

Kẹ́hìndé mi ní kí n bi yín: ṣé sin(A + B) kì í ṣe sinA + sinB ni? Tíṣà wọn fagi lé e.

Bàbá Fọ́dà, Ilé-Ifẹ̀

Ní kó fi 30° àti 60° sí i, mà. Sáìn 90° jẹ́ 1, àmọ́ bó bá ro sáìn méjèèjì pọ̀, 1.366 ló máa rí. Tíṣà Adétí, má jẹ́ kí èyí wọ kíláàsì Sátidé o.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà

Mi ò tíì gbà lórí ọ̀rọ̀ sísọ di púpọ̀ yẹn o. Ẹ jẹ́ ká bi ẹni tó ń máàkì Wáẹ́ẹ̀kì bóyá wọ́n máa ń yọ máàkì sí i.

Ará Sábó

Tíṣà, ẹ pè wọ́n lálẹ́ Jímọ̀, kí ọmọ náà fi ìka kọ orúkọ rẹ̀ sórí bọ́ọ̀dù. Tí ẹ ò bá lè kà á, ìwé àti fọ́tò ni kí ẹ gbára lé látìbẹ̀rẹ̀.