Ìwádìí akẹ́kọ̀ọ́ mi jinlẹ̀, àmọ́ àròkọ rẹ̀ ò létò: kí ni kí n kọ fún un?

Olùkọ́ Ìtàn:
Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Àròkọ kan wà lọ́wọ́ mi láti àná tí mi ò tíì lè dá padà. Ìbéèrè tí mo fún wọn ni pé: kí ló fà á tó fi pẹ́ kí àwọn aláṣẹ Lọ́ńdọ̀nù tó gbà pé omi ló ń gbé àrùn onígbáméjì kiri? Ọmọ yìí kàwé débi pé ẹnu yà mí. Ó mọ̀ pé 1849 ni dókítà John Snow kọ́kọ́ tẹ èrò rẹ̀ jáde. Ó mọ̀ pé ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹsàn-án 1854 ni wọ́n yọ ọwọ́ pọ́ǹpù omi òpópónà Broad ní Lọ́ńdọ̀nù, èyí tí Snow ní omi rẹ̀ ló ń ran àrùn náà. Ó tún rí i pé Snow fúnra rẹ̀ gbà pé àrùn náà ti ń rọlẹ̀ kí wọ́n tó yọ ọ́, nítorí àwọn èèyàn ti sá kúrò ládùúgbò. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sọ ìtàn yẹn kì í sọ apá ibẹ̀.

Bó ṣe tò ó ló bà mí nínú jẹ́. Ìpínrọ̀ mẹ́sàn-án ló kọ. Èkíní sọ bí wọ́n ṣe bí Snow, ìkejì sọ àmì àrùn, ìkẹta sọ ti pọ́ǹpù, ìkẹrin sọ ti àwọn tó gbà pé afẹ́fẹ́ burúkú ló ń fa àrùn. Ìkarùn-ún padà sí 1849. Ìkẹfà sọ ti Henry Whitehead, àlùfáà àdúgbò náà. Ìkeje fò lọ sí 1866, nígbà tí William Farr, tó ń ṣírò iye àwọn tó ń kú fún ìjọba, fara mọ́ ọ̀rọ̀ omi. Ìkẹjọ tún padà sí 1854, sọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìpọntí tí wọn kì í mu omi pọ́ǹpù náà, tí àrùn ò sì pa. Ìkẹsàn-án nìkan ló dáhùn ìbéèrè mi, ìdáhùn náà sì dára: pé ẹ̀rí tó dà bíi pé ó ti parí ẹjọ́ lójú tiwa, ẹni tó gba ti afẹ́fẹ́ gbọ́ lè fi gbe ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lẹ́sẹ̀ nígbà náà.

Ohun tí mo kọ sí i rèé: “Ìwádìí rẹ dára gan-an, ṣùgbọ́n àròkọ rẹ kò létò. Ọ̀rọ̀ rẹ ń fò káàkiri. Tún un tò.” Mo kà á padà, ìbáwí lásán ni mo rí. Báwo ni mo ṣe lè kọ ọ́ tí ọmọ náà fi máa mọ ohun tó kàn láti ṣe?

Tíṣà Gírámà:
Ẹ fún un ní àpẹẹrẹ tó máa tẹ̀ lé. Ìfáárà kan, kókó mẹ́ta, ìkádìí kan. Kí ó gbé ìdáhùn rẹ̀ wá sí ìfáárà, kí ó sì kó ìyókù sínú kókó mẹ́ta yẹn. Bí mo ṣe ń ṣe fún tèmi nìyẹn, wọ́n sì ń yege.

Màmá Olómọ Mẹ́ta:
Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn mí o. Àkọ́bí mi náà ń kàwé gan-an, àmọ́ tó bá jókòó láti kọ nǹkan, ilẹ̀ á ṣú lórí ìlà kan. Ṣé kí n wá olùkọ́ tó máa wá kọ́ ọ nílé ni?

Ọ̀gá Ìkọ̀wé:
Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́. Tiyín yàtọ̀ sí èyí: ẹni tí kò lè bẹ̀rẹ̀ àti ẹni tó kọ tán tí kò tò ó, oògùn wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ béèrè tiyín lọ́tọ̀, a máa dá yín lóhùn.

Olùkọ́ Ìtàn, “kò létò” ń dá ọmọ lẹ́jọ́ ni, kò sọ ibi tó ti ṣìnà. Mo rò pé mo mọ ibẹ̀. Bó ṣe ń ka àwọn ìwé yẹn lọ ló ṣe ń kọ wọ́n sílẹ̀. Ó parí èyí, ó mú ìyẹn. Ìgbà tó kọ ọ́ dé ìparí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ èrò tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìdáhùn fi wà nínú ìpínrọ̀ ìkẹsàn-án. Ẹ ka gbólóhùn àkọ́kọ́ ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan nìkan, kí ẹ fo ìyókù. Tó bá jẹ́ orúkọ èèyàn tàbí ọdún ló ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo wọn, ohun tí mo sọ ló ṣẹlẹ̀.

Ẹ ní kó kọ gbólóhùn kan sí etí ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe ohun tí ìpínrọ̀ náà dá lé lórí ni kó kọ, bí kò ṣe bí ó ṣe dáhùn ìbéèrè. “Pọ́ǹpù” kì í ṣe ìdáhùn. “Yíyọ pọ́ǹpù ò yí àwọn aláṣẹ lérò padà, torí àrùn ti ń rọlẹ̀ kí wọ́n tó yọ ọ́” ni ìdáhùn. Tó bá dé ìpínrọ̀ kìíní, kò ní rí nǹkan kan kọ, òun fúnra rẹ̀ á sì yọ ọ́. Tó bá dé ìkẹta àti ìkẹjọ, á rí i pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Ẹ má tíì fọwọ́ kan àṣìṣe àmì ohùn àti sípẹ́lì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń tún gbólóhùn ṣe nínú ìpínrọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ máa tó gé dànù. Ohun tó sì ń ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n á ṣe àtúnṣe sípẹ́lì, wọ́n á fi ètò sílẹ̀ bó ṣe wà, torí sípẹ́lì ló rọrùn jù.

Tíṣà Gírámà, òótọ́ lẹ sọ pé kó gbé ìdáhùn síwájú. Ti kókó mẹ́ta ni mi ò gbà. Á kàn pín mẹ́sàn-án sọ́nà mẹ́ta ni, ìpínrọ̀ ìbí Snow á ṣì wà níbẹ̀.

Olùkọ́ Tuntun:
Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí olùkọ́ ò kàn ní kọ nọ́ńbà sí wọn? Ìkẹsàn-án kọ́kọ́, ìkẹrin tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ogójì àròkọ ló wà lọ́wọ́ tèmi.

Ọ̀gá Ìkọ̀wé:
Àbúrò, ó máa tẹ̀ lé nọ́ńbà yẹn, àròkọ á dára, àmọ́ tó bá kọ òmíràn á tún padà síbi tó wà. Ẹ ṣe ẹyọ kan fún un kó fi wòye, kó ṣe ìyókù fúnra rẹ̀.

Olùkọ́ Ìtàn:
Ẹ ṣé púpọ̀. Mo ka àwọn gbólóhùn àkọ́kọ́ yẹn: nínú mẹ́sàn-án, méje ló fi orúkọ tàbí ọdún bẹ̀rẹ̀. Mo ti tún ọ̀rọ̀ mi kọ:

“O rí ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rí: pé àrùn ti ń rọlẹ̀ kí wọ́n tó yọ ọwọ́ pọ́ǹpù. Ẹ̀rí yẹn gan-an ló gbe ìdáhùn rẹ lẹ́sẹ̀, àmọ́ ìpínrọ̀ ìkẹta ló wà, ìdáhùn sì wà ní ìkẹsàn-án, kò sí ohun tó so wọ́n pọ̀. Gbé ìdáhùn rẹ wá sí ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kọ gbólóhùn kan sí etí ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan tó sọ bó ṣe ti ìdáhùn yẹn lẹ́yìn. Mo ti kọ ti ìkẹta fún ọ. Èyí tí o ò bá rí gbólóhùn kọ sí, yọ ọ́. Àwọn tí gbólóhùn wọn bá jọra, kó wọn pọ̀. Mú un wá kí o tó tún un kọ, ká jọ wò ó.”

Tíṣà Gírámà:
Èyí dáa ju ti àkọ́kọ́ lọ, mo gbà. Máàkì ńkọ́? Tẹ́ ò bá fún un ní máàkì, kò ní tún un ṣe.

Ọ̀gá Ìkọ̀wé:
Tó bá ti rí máàkì, kò ní ka ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Èmi kì í kọ ọ́ títí wọ́n á fi tún un tò.

Tíṣà Gírámà:
Tiyín ń rí bẹ́ẹ̀. Tèmi kì í rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Olùkọ́ Ìtàn:
Màá dá máàkì dúró lórí ẹyọ kan yìí, kí n wo bó ṣe máa rí. Ti Whitehead nìkan ló ṣì ń dà mí láàmú. Àlùfáà yẹn ò gba Snow gbọ́ níbẹ̀rẹ̀, ìwádìí tirẹ̀ ló yí i lérò padà. Ṣé ìdí tó fi pẹ́ ni ìyẹn fi hàn, àbí ohun tó mú wọn gbà níkẹyìn? Ibi méjèèjì ló lè wọ̀. Mi ò kọ nǹkan kan sí etí rẹ̀, mo fẹ́ rí ibi tí ọmọ náà máa gbé e sí.